Ta Ló Dá Ojú-Ìwé Yìí Dúró?

Lẹ́bàá òpópónà Stemmons ní Dallas, ilé ńlá onígíláàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní Infomart. Ọdún 1985 ni wọ́n ṣí i, àwòrán Crystal Palace ti Lọ́ńdọ̀nù àtijọ́ ni wọ́n sì wò kọ́ ọ. Ẹni tó bá ń wakọ̀ kọjá lè pè é ní ilé ìtajà. Sáfà àti wáyà ló kún inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì oríṣiríṣi ti ń pàdé ara wọn, ó sì níye lórí débi pé ilé-iṣẹ́ Equinix san 800 mílíọ̀nù dọ́là láti rà á ní 2018. Bí ọmọ Yorùbá kan ní Garland tàbí Arlington bá ra ààyè sílẹ̀ fún wẹ́bùsáìtì ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú ilé báyìí, ní Dallas níhìn-ín, ni fáìlì rẹ̀ máa wà.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní Garland ṣí ojú-ìwé náà, ó ṣí wéré. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìbàdàn ṣí i, ojú-ìwé funfun báláú, òrùka kékeré tó wà lókè ń yí ṣáá. Ti Garland á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ni." Ti Ìbàdàn á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì òun dára, fídíò sáà ń ṣeé wò, ibi tí wọ́n gbé sáfà sí ló jìnnà jù. Àwọn méjèèjì ń méfò, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀rí wà nínú búráúsà tí wọ́n ń lò.

Ká kọ́kọ́ yanjú ti jíjìnnà, torí ìṣirò rẹ̀ kò le. Láti Dallas dé Èkó lé díẹ̀ ní 10,000 kìlómítà bí a bá fà á tààrà. Ìmọ́lẹ̀ inú okùn fáíbà ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdámẹ́wàá sẹ́kọ́ńdì kan. Okùn kì í gba ọ̀nà tààrà, àwọn ẹ̀rọ ojú ọ̀nà náà sì máa ń jẹ àkókò díẹ̀. Ká tilẹ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Kí búráúsà tó rí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ gbà, ó máa ń lọ-bọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta: ẹ̀kan láti so pọ̀ mọ́ sáfà, ẹ̀kan láti bá a dá kọ́kọ́rọ́ àṣírí kí ẹlòmíì má baà gbọ́, ẹ̀kan láti béèrè ojú-ìwé gan-an. Gbogbo rẹ̀ kò tó sẹ́kọ́ńdì kan. Jíjìnnà lè mú ojú-ìwé falẹ̀, pàápàá bí fáìlì inú rẹ̀ bá pọ̀. Ṣùgbọ́n tí ojú-ìwé bá dúró gbagidi fún ogún sẹ́kọ́ńdì, nǹkan mìíràn ló mú un.

Ohun tí a fi ń mọ nǹkan mìíràn náà wà nínú Chrome, Edge àti Firefox lórí kọ̀ǹpútà gbogbo, ọ̀fẹ́ ni. Joe Hewitt ló ṣe Firebug fún Firefox ní 2006, láti ìgbà yẹn ni àwọn tó ń kọ́ wẹ́bùsáìtì ti mọ́ ọn lára láti máa wo ohun tí ojú-ìwé ń béèrè, lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ń béèrè rẹ̀. Lónìí, èèyàn á tẹ F12, á sì yan `Network`. Ohun kan ń tan ọ̀pọ̀ jẹ níbẹ̀: pátákó náà kì í sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí i ná, kí wọ́n tó tún ojú-ìwé gbé wá. Ó dáa kí wọ́n sàmì sí `Disable cache` pẹ̀lú, kí búráúsà má baà mú fáìlì tó ti tọ́jú láti àná jáde bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ gbà á ni.

Òǹkàwé tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i lè kọ fáìlì kékeré yìí, kó pè é ní `oju-iwe.html`, kó gbé àwòrán kan tó ń jẹ́ `aworan.jpg` sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó sì ṣí i nínú Chrome:

```html
<!doctype html>
<html>
<head>
  <meta charset="utf-8">
  <script src="http://192.0.2.1/onka.js"></script>
</head>
<body>
  <p>Ẹ káàbọ̀.</p>
  <img src="aworan.jpg">
</body>
</html>
```

Àdírẹ́sì `192.0.2.1` kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń ṣètò íńtánẹ́ẹ̀tì ya ọ̀wọ́ nọ́ńbà yẹn sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ inú ìwé, nítorí náà ẹni tó bá kàn án kò ní rí ẹni dá a lóhùn. Kì í ṣe pé wọ́n á sọ fún un pé "kò sí nílé". Ńṣe ni gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ló burú jù fún búráúsà. Tí sáfà bá kọ̀ ọ́ ní gbangba, ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Tí kò bá gbọ́ nǹkan kan, á máa retí. Lórí Windows, ó sábà máa ń retí fún nǹkan bí sẹ́kọ́ńdì mọ́kànlélógún kó tó sọ̀rètí nù. Lórí Linux, ó lè lé ní ìṣẹ́jú méjì.

Nínú àkókò ìretí yẹn, "Ẹ káàbọ̀" kò ní hàn. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́wọ́ búráúsà, ó wà nínú fáìlì kan náà, àmọ́ síkíríìpù wà lókè rẹ̀, òfin búráúsà sì ni pé kò gbọdọ̀ ka ohun tó wà nísàlẹ̀ síkíríìpù àyàfi tó bá ti gba síkíríìpù náà tó sì ti ṣe ohun tó sọ, torí síkíríìpù lè yí ìyókù ojú-ìwé padà. Wàyí o, kí èèyàn wo pátákó `Network`. Ìlà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ojú-ìwé fúnra rẹ̀ ti dé. Àwòrán náà, ìyàlẹ́nu ibẹ̀ nìyí, ti dé pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àwòrán kankan lójú gíláàsì. Búráúsà máa ń rán ojú ṣíwájú láti wá fáìlì tó máa nílò, kó lè tètè gbà á wá sílé, ṣùgbọ́n kò ní gbé e síta títí síkíríìpù yóò fi dá a lóhùn. Ìlà kẹta, `onka.js`, ni wọ́n kọ `pending` sí nínú òpó `Status`.

Ìyẹn ni àmì àkọ́kọ́. Nígbà tí ojú-ìwé bá ní ọgọ́rin ìlà, kò sídìí fún fífi ojú wá a; wọ́n á kọ `is:running` sínú àpótí `Filter`, àwọn tí kò tíì parí nìkan ni yóò sì ṣẹ́ kù. Ó yẹ kí èèyàn ṣọ́ra níbi yìí o. Àwọn ìsopọ̀ kan wà tí wọ́n ṣe láti máa wà ní ṣíṣí, irú èyí tí ojú-ìwé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tàbí ti àbájáde bọ́ọ̀lù fi ń gba ìròyìn tuntun. Wọn kò ní parí láéláé, wọn kò sì ṣe ẹnì kankan níbi.

Àmì kejì wà nínú òpó `Initiator`. Níbẹ̀ ni búráúsà ti ń jẹ́wọ́ ẹni tó rán an níṣẹ́. Fún fáìlì wa, yóò kọ `oju-iwe.html:5`, ìyẹn ni pé ìlà karùn-ún fáìlì náà ló ní kí ó lọ. Nínú wẹ́bùsáìtì gidi, òpó yìí ló ń túdìí àṣírí: ẹni tó kọ́ ojú-ìwé lè búra pé òun kò mọ `onka.js` rí, kó wá já sí pé irinṣẹ́ kan tó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn láti máa ka iye àlejò ló ń pè é.

Tí wọ́n bá tẹ ìlà náà, tí wọ́n sì yan `Timing`, Chrome á kọ́kọ́ kìlọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ìbéèrè náà kò tíì parí. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ títí yóò fi kú. Ìlà náà á pọ́n, `Status` rẹ̀ á yí padà sí `failed`, tàbí kó kọ `net::ERR_CONNECTION_TIMED_OUT`, lẹ́sẹ̀ kan náà ni "Ẹ káàbọ̀" àti àwòrán á yọ lójú gíláàsì. Kí èèyàn wo ìsàlẹ̀ pátákó náà pẹ̀lú: àkókò tí wọ́n kọ síwájú `DOMContentLoaded` á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìgbà tí `onka.js` kú mu. Ìbáramu yẹn ni ẹ̀rí. Kì í ṣe gígùn ìlà ló sọ ọ́ di ọ̀daràn bí kò ṣe pé ojú-ìwé kò gbéra títí òun fi kúrò lọ́nà.

Ọ̀pọ̀ ni kì í rántí ìyàtọ̀ yẹn. Wọ́n á wo àwòrán tó gba sẹ́kọ́ńdì mẹ́jọ kó tó dé, torí ìlà rẹ̀ ló gùn jù, wọ́n á máa dín àwòrán kù láti àárọ̀ dalẹ́, ojú-ìwé á sì máa dúró bó ṣe ń dúró tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó ń dúró de àwòrán. Síkíríìpù kékeré tí kò ju kílóbáìtì méjì lọ ni gbogbo ilé ń dúró dè.

Bí ìdájọ́ ṣe máa ń dájú ni pé kí wọ́n yọ afurasí kúrò, kí wọ́n tún un wò. Wọ́n á fi ọ̀tún tẹ ìlà `onka.js`, wọ́n á yan `Block request URL`, wọ́n á sì tún ojú-ìwé gbé wá. Ìlà náà á wá gbé `blocked:devtools` kọ́rùn. Tí ojú-ìwé bá ṣí lójú ẹsẹ̀, ẹjọ́ ti parí. Tí kò bá ṣí, ẹni tí wọ́n mú kọ́ nìyẹn, kí wọ́n dá a sílẹ̀, kí wọ́n mú ẹlòmíì. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára wẹ́bùsáìtì náà, torí inú búráúsà ẹni tó ń wádìí nìkan ni ìdínà yìí wà.

Irú ìṣòro yìí ni Steve Souders, nígbà tó wà ní Google, pariwo rẹ̀ ní 2010: síkíríìpù ẹlòmíì kan ṣoṣo tó bá kú lè dá odindi wẹ́bùsáìtì dúró. Àwọn ọmọ Nàìjíríà mọ irú àkókò tó lè mú un ṣẹlẹ̀. Ní 4 Oṣù Kẹfà 2021 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn dá Twitter dúró, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù gbé ìdínà kalẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ó sì di 13 Oṣù Kìn-ín-ní 2022 kí wọ́n tó ṣí i padà. Lákòókò yẹn, àìmọye ojú-ìwé ìròyìn àti ti ẹgbẹ́ ló ti lẹ ọ̀rọ̀ Twitter mọ́ ara, wọ́n sì ń pe fáìlì kan tó ń jẹ́ `widgets.js` láti `platform.twitter.com`. Níbi tí ìdínà bá ti kan orúkọ yẹn, tó sì jẹ́ ìdínà onídàákẹ́ tí kò fúnni lésì, ojú-ìwé tí sáfà rẹ̀ wà ní Dallas á ṣí dáadáa fún ẹni tó wà ní Garland, á sì kọsẹ̀ fún ẹni tó wà ní Ìbàdàn. Ẹni ti Garland kò ní rí ìṣòro náà láéláé lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tí ojú-ìwé dúró mọ́ lọ́wọ́ ló yẹ kó ṣí pátákó `Network`.

Twitter ní làákàyè kan níbẹ̀ ṣá. Nínú kóòdù tí wọ́n ń fún èèyàn nígbà yẹn láti lẹ̀ mọ́ ojú-ìwé, wọ́n ti kọ `async` sí i:

```html
<script async src="https://platform.twitter.com/widgets.js"></script>
```

Ọ̀rọ̀ kan yẹn ń sọ fún búráúsà pé kó máa ka ìyókù ojú-ìwé lọ, kí síkíríìpù dé ìgbà tó bá wù ú. Òǹkàwé tó ti kọ fáìlì ìdánwò wa lè fi `async` sínú ìlà karùn-ún kó rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀: "Ẹ káàbọ̀" á yọ kíá. Ṣùgbọ́n òrùka òkè á ṣì máa yí, àkókò `Load` nísàlẹ̀ kò sì ní hàn títí síkíríìpù yóò fi kú, torí búráúsà kì í sọ pé ojú-ìwé ti pé nígbà tí nǹkan tó béèrè ṣì wà lọ́nà. Bí ẹni tó kọ́ ojú-ìwé bá ní kí bọ́tìnnì ìforúkọsílẹ̀ má ṣiṣẹ́ àfi tí ojú-ìwé bá pé, àlejò á rí bọ́tìnnì, á tẹ̀ ẹ́, kò ní dáhùn. Àìsàn kan náà ni, ó kàn pààrọ̀ aṣọ ni. Ọ̀nà àbáyọ ni kí irú síkíríìpù àlejò bẹ́ẹ̀ má tilẹ̀ jáde nílé títí ojú-ìwé yóò fi pé, tàbí kí wọ́n bi ara wọn bóyá wọ́n nílò rẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ ìgbà, wọn kò nílò rẹ̀.

Ọ̀ràn kejì yàtọ̀. Níbi yìí, kì í ṣe síkíríìpù àjèjì. Ìlà àkọ́kọ́ pàá, ojú-ìwé fúnra rẹ̀, ló ń sọ pé `pending`, kò sì sí ìlà mìíràn nísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn sẹ́kọ́ńdì méjìlá ó dé. Nínú `Timing`, `Initial connection` kéré, `Content Download` kéré, àmọ́ `Waiting for server response` gba sẹ́kọ́ńdì mọ́kànlá. Ìyẹn ni pé ọ̀nà já geere, sáfà gbọ́ ìbéèrè, ó wá jókòó tì í. Kí ẹnikẹ́ni má baà tún di ẹ̀bi ru nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí wọ́n tẹ ìlà àwòrán kékeré kan láti ara sáfà kan náà, kí wọ́n wo `Waiting for server response` tirẹ̀. Bí ti àwòrán bá jẹ́ ìdámẹ́ta sẹ́kọ́ńdì kan, ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì gbà. Ohun tó lé ní sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá tó kù wà nínú ilé: dátábéèsì tó ń ka gbogbo orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kó tó mú ẹyọ kan, tàbí sáfà tó ń dúró de báńkì kó fọwọ́ sí owó. Pátákó `Network` kò lè wọ inú ilé yẹn. Ẹnu ọ̀nà ló máa mú èèyàn dé, lẹ́yìn náà ẹni tó ni sáfà ló máa ṣí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò.

Tí ó bá jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lóòótọ́ ńkọ́? Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ní 14 Oṣù Kẹta 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Àbíjàn, íńtánẹ́ẹ̀tì sì dà rú ní Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ojú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ lórí pátákó. Kì í ṣe ìlà kan ló ń dúró, gbogbo wọn ló ń wọ́, láti orúkọ sáfà oríṣiríṣi, `Initial connection` gbogbo wọn á sì gùn. Níbi tí ẹyọ kan ti dá wà, tí ìyókù ń já fáfá, kí wọ́n fi okùn òkun sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú `Timing` tó ti mú ọ̀pọ̀ ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, òun ni `Stalled`. Lórí ìsopọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní HTTP/1.1, Chrome kì í ṣí ju ìsopọ̀ mẹ́fà lọ sí sáfà kan lẹ́ẹ̀kan náà, bí ilé epo tó ní ẹnu mẹ́fà péré. Tí ọkọ̀ mẹ́fà tí ń gba epo bá kọ̀ tí wọn kò kúrò, ìkeje á dúró pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Nítorí náà, ìlà tí `Stalled` rẹ̀ gùn lè jẹ́ ẹni tí wọ́n dá dúró, kó máà jẹ́ ẹni tó dá wọn dúró. Kí wọ́n wo òpó `Waterfall`: bí ìlà kan bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an ní àkókò tí òmíràn parí, kí wọ́n fi ìkeje sílẹ̀ kí wọ́n lọ bá àwọn mẹ́fà tó wà níwájú. Òpó `Protocol`, tó máa ń wà ní ìpamọ́ títí wọ́n á fi ọ̀tún tẹ orí òpó láti mú un jáde, ló ń sọ bóyá HTTP/1.1 ni sáfà ń lò. Bó bá kọ `h2` tàbí `h3`, òfin mẹ́fà yìí kò kàn án.

Ìgbà mìíràn sì wà tí gbogbo ìlà á ti parí, kò sí `pending` kan, síbẹ̀ ojú-ìwé á gan pa, kò ní ṣeé fà sókè-sódò. Kí wọ́n pa `Network` tì nígbà náà. Síkíríìpù tó ti wọlé ló ń fi iṣẹ́ pa kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, pátákó `Performance` tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló mọ̀ nípa ìyẹn.

Ó ku bí ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn á ṣe fi ohun tó rí ránṣẹ́ sí àbúrò Garland. Àmì ọfà ìsàlẹ̀ kan wà lókè pátákó `Network` tó ń kó gbogbo ìlà jọ sínú fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí `.har`. Àbúrò á gbé e wọ inú pátákó tirẹ̀ ní Garland, á sì rí gbogbo ìlà àti àkókò wọn gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe rí ní Ìbàdàn. Àmọ́ fáìlì yìí lè gbé kúkì dání, ìyẹn ohun tí wẹ́bùsáìtì fi ń mọ̀ pé èèyàn ti wọlé, ẹni tó bá sì mú kúkì ẹni lè wọlé bí ẹni gan-an láìní ọ̀rọ̀ aṣínà. Ní Oṣù Kẹwàá 2023, Okta, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn, jẹ́wọ́ pé olè wọ ibi tí àwọn oníbàárà ti ń bá àwọn sọ̀rọ̀ ìṣòro wọn, ó sì jí irú fáìlì `.har` bẹ́ẹ̀ kó. Lẹ́yìn ìgbà náà, Chrome bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kúkì kúrò nínú fáìlì náà kó tó fúnni, àyàfi tí èèyàn bá mọ̀ọ́mọ̀ ní kó fi í sí i. Ẹni tó ń lo búráúsà tó ti pẹ́ kò ní ààbò yẹn. Kó jáde kúrò nínú wẹ́bùsáìtì náà kó tó fi fáìlì ránṣẹ́, kó sì fi í ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ nìkan, kó má jù ú sí ìta gbangba lórí ojú ìwé WhatsApp ẹgbẹ́.